Ilé kọ̀ọ̀kan ni, àbí onílé kọ̀ọ̀kan? Bí mo ṣe kọ ìròyìn ìpàdé onílé wa ti oṣù Keje

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, lápá Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń ṣèpàdé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gééètì. Bí ìpàdé bá ti túká ni iṣẹ́ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú, mo gbọ́dọ̀ ti kọ ìròyìn ojú ewé kan tó sọ ohun tí ìpàdé pinnu, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu gééètì, kí n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí Wọ́sáàpù.

Ìròyìn yìí kì í ṣe mínìtì. Mínìtì wà nínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, ibẹ̀ ni mo ń kọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ sí, òun la sì ń kà níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e kí ilé tó gbà á wọlé. Ẹni tí kò wá sípàdé ni ìròyìn wà fún. Kò fẹ́ mọ ẹni tó bínú àti ẹni tó dáhùn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí? Bó bá kàn mí, èló ni? Ọjọ́ wo ni? Ta ni màá gbé owó náà fún? Bí ìròyìn kò bá dá a lóhùn, á bi aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò á sọ èyí tó rántí, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa, èmi ni mo sì fà á. Lọ́dún tó kọjá, a fẹnu kò lórí owó ọlọ́dẹ, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé «onílé kọ̀ọ̀kan yóò máa san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lóṣù». Lójú tèmi, ó yéni. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó ní ilé mẹ́ta lọ́nà kan náà. Ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó ní onílé kan ṣoṣo lòun, pé ohun tí akọ̀wé kọ nìyẹn. Ní òdìkejì ọ̀nà, ilé kan wà tí bàbá kan fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ń gba owó lọ bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí onílé ni gbogbo wọn. Èyí àgbà nínú wọn, obìnrin ni, ló mú ìwé tí mo kọ wá síwájú ìpàdé. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó na ìka sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní, «Akọ̀wé, ẹ kà á fún wa.» Mo kà á. Kò sí ohun tí mo lè sọ.

Ìpàdé méjì gbáko la fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Kó tó parí, ọ̀pọ̀ èèyàn ti dá owó tiwọn dúró, wọ́n ní àwọn ń wo ibi tó máa já sí, ìdajì owó oṣù sì ni àwọn ọlọ́dẹ wa méjèèjì gbà lóṣù yẹn. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń fi òru wọn ṣọ́ wa, èmi ni mo fi lẹ́tà méjì péré, «on», gé owó wọn kù. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ojú ewé kan yìí mọ́.

Ìpàdé oṣù Keje ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ 5. Èèyàn 34 ló wá. Ọmọ ẹgbẹ́ 57 ni wá, òfin ẹgbẹ́ wa sì sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé kí ìpinnu tó lè múlẹ̀, èyí tó jẹ́ èèyàn 19. Mo máa ń ka orúkọ inú ìwé ìwọlé kí ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí àwọn kan bá dìde lọ tí a kò pé 19 mọ́, ohun tí a bá fẹnu kò lẹ́yìn ìyẹn kò múlẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, a pé dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó gba àkókò jù ni ti kọ́fátì iwájú ilé nọ́ńbà 22. Òkè ọ̀nà ni àgbàrá ti ń wá, ó máa ń gba abẹ́ títì kọjá lọ sínú gọ́tà ńlá. Ríìngì kọnkéré àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ti fọ́, ìdọ̀tí ti dí i, nígbà tí òjò oṣù Kẹfà sì rọ̀, omi gba orí títì, ó wọ yàrá ìsàlẹ̀ nílé méjì. Bírìkìlà tí a pè wò ó, ó mú ìwé ìdíyelé wá: ríìngì tuntun méje, sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta, àti owó iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦768,000. Akápò pín in lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù rẹ̀ níbẹ̀, ó pè é jáde pé ẹgbẹ̀rún méjìlá-méjìlá ni.

Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, ló dá àbá. Ó ní kí á san ẹgbàafà náírà, kí a sì san án kó tó di ìtàdógún. Ìyá Ìbejì kín in lẹ́yìn. Alága béèrè ẹni tí kò fara mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bí mo ṣe máa ń ṣe ni pé, bí ìpinnu bá ti wáyé, kí a tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì, màá nawọ́ sókè, màá ní, «Alága, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ.» Màá kà á sókè, ẹni tó dá àbá á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó tún un ṣe. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, bí Alága ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ilé báyìí ni òjò já lé páànù. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnì kejì mọ́, àwọn èèyàn sì ń fa àga wọn sẹ́yìn nítorí omi tó ń fẹ́ wọlé. A dìbò kánmọ́kánmọ́ lórí àkókò tí a ó máa ti gééètì, a sún ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ gbèsè síwájú, Alága gbàdúrà ìparí, a sì túká. Mi ò ka ìpinnu kọ́fátì sókè.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo jókòó sídìí tábìlì, mo ṣí ìwé tí mo fi ń kọ nǹkan síwájú mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ nínú ìkánjú, láìfi àmì kankan sí i:

```
kofati. 12,000. ile kookan. itadogun.
aba: B. Tisa. ikin: Iya Ibeji. ile gba.
```

Mo tẹjú mọ́ «ile kookan» yẹn títí. Ṣé ilé kọ̀ọ̀kan ni Bàbá sọ, àbí onílé kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ mi gé kúrú? Àbí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Ilẹ̀ òfìfo mọ́kànlá ló wà ládùúgbò wa tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ nǹkan kan sí, inú ìpàdé náà sì ni ẹnì kan ti ń sọ pé ó yẹ kí àwọn onílẹ̀ náà máa dá sí ìnáwó. Láìsí àmì, lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni «ilé» àti «ilẹ̀». Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà kà á, àwọn tó máa sanwó sì yàtọ̀ lọ́nà kọ̀ọ̀kan.

Mi ò fẹ́ fi ìrántí mi nìkan pinnu rẹ̀, nítorí ìrántí ló kó bá mi lọ́dún tó kọjá. Mo kọ́kọ́ fi owó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé àkápò ní ilé 64, ọmọ ẹgbẹ́ sì jẹ́ 57, nítorí ẹnì kan ní ilé mẹ́ta, àwọn márùn-ún míì sì ní méjì-méjì. Mo sọ ẹgbẹ̀rún méjìlá di ìlọ́po 57, ó fún mi ní ₦684,000. Owó kọ́fátì á dín ní ₦84,000 nìyẹn. Mo fi ilẹ̀ òfìfo mọ́kànlá kún ilé 64, ó di 75, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦900,000, tó pọ̀ ju ohun tí bírìkìlà béèrè lọ. Mo wá sọ ọ́ di ìlọ́po 64. Ó fún mi ní ₦768,000 géérégé, kò lé, kò dín. Ilé ni akápò fi pín in, ilé sì ni ìpàdé fọwọ́ sí.

Ìṣirò yìí ràn mí lọ́wọ́ nítorí pé akápò pín owó náà gan-an ni, kò sún un sókè tàbí sísàlẹ̀ kí ó lè rọrùn láti san. Ká ní iye tó pín kò já geere ni, tó wá sún un sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣirò kì bá tí lè sọ nǹkan kan fún mi. Nítorí náà, mo ṣì pe akápò. Mo ní, «Ẹ kú alẹ́ o, mà. Ilé mélòó lẹ fi pín owó yẹn?» Ó ní ilé 64 tó wà nínú ìwé òun ni. Mo bi í pé ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ńkọ́. Ó ní mẹ́ta ni, wọ́n ti kan páànù sí wọn lórí, wọ́n sì ti ní nọ́ńbà, wọ́n wà nínú 64 náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ku ìtàdógún. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni, tó wá láti inú bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, tí wọ́n ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún bí a bá ka òní ní ìkíní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bí a bá gbọ́ ìtàdógún, ọ̀sẹ̀ méjì là ń gbọ́. Mo pe Bàbá Tíṣà.

«Ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ìtàdógún tí ẹ dá lábàá, ọjọ́ wo gan-an lẹ ní lọ́kàn?»

«Akọ̀wé, ìtàdógún náà ni. Ka òní mọ́ ọn.»

Mo fi ìka kà á lórí kàlẹ́ńdà. Bí Sátidé ọjọ́ 5 bá jẹ́ ìkíní, ọjọ́ kẹtàdínlógún bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21. Mo pe Ìyá Ìbejì tó kín àbá náà lẹ́yìn. Ó ní, «Ṣebí ọ̀sẹ̀ méjì ni? Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní.» Ìyẹn sì jẹ́ ọjọ́ 19. Ẹni tó dá àbá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn, ọjọ́ tó wà lọ́kàn wọn kò bára mu, àwọn tó kù tí wọ́n fọwọ́ sí i sì ti lọ sílé pẹ̀lú èyí tó wà lọ́kàn tiwọn.

Akọ̀wé kò láṣẹ láti mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Mo wo ohun tí bírìkìlà sọ nínú mínìtì: ọjọ́ Ajé ọjọ́ 21 ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ rí owó kó tó lọ ra ríìngì. Mo tún pe Bàbá Tíṣà, mo ka ìlà yẹn fún un, mo sì sọ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, «Jẹ́ kó jẹ́ Sátidé, kí owó lè ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.» Mo pe Alága, òun náà gbà. Nínú mínìtì, mo kọ ọ́ gbangba pé lẹ́yìn ìpàdé ni ẹni tó dá àbá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn fẹnu kò sórí ọjọ́ 19, pé ilé yóò fọwọ́ sí i nígbà tí a bá ń ka mínìtì lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé inú ìpàdé la ti dá ọjọ́ náà.

Alága kò jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, «Akọ̀wé, fi kún un pé ẹni tí kò bá san, a máa gé iná rẹ̀.» Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Ilé tirẹ̀ wà lára àwọn méjì tí omi wọ̀. Mo ní, «Ẹ má bínú, Alága, a ò sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé. Bí mo bá kọ ọ́, ẹni àkọ́kọ́ tó bá bá a jà máa béèrè ẹni tó dá àbá, mi ò sì ní rí ẹni kan fi hàn án.» Mo tún rán an létí pé ẹgbẹ́ onílé kò láṣẹ láti gé iná ẹnikẹ́ni, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ló ni wáyà. Bí a bá fọwọ́ kàn án, àwa la máa jẹ̀bi. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé e wá sípàdé oṣù Kẹjọ, kí ilé gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ fún oṣù Kẹjọ, mi ò sì kọ ọ́ sínú ìròyìn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìròyìn lórí fóònù. Fóònù mi ní bọ́tìnnì Yorùbá, mo sì máa ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti kan owó àti ẹni tó máa san án, bó bá ti wù kó rẹ̀ mí tó. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá lè fi àmì sí i lè yí gbólóhùn padà kí ọ̀rọ̀ náà má bàa já sí méjì, bíi kó kọ «ilé tí èèyàn ń gbé». Owó náà, mo máa ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní iye àti ní ọ̀rọ̀, nítorí òdo kan lè bọ́ sílẹ̀ lójú bébà tí òjò bá kàn. Mo sì kọ ẹgbẹ̀rún méjìlá dípò ẹgbàafà, torí ọmọkùnrin tó jókòó tì mí nípàdé ti bi mí pé èló ni wọ́n ń pè ní ẹgbàafà.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo ti fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n mo ní àṣà kan tí mi ò kì í fi sílẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ wa kò kàwé. Kí n tó tẹ ìròyìn jáde, mo máa ń kà á sínú fóònù, màá fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i. Mo fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kò pẹ́ tó fi pè mí padà.

«Akọ̀wé, o káre o. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ní ilé ńlá níwájú, tí mo tún ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn tí mo fi rẹ́ǹtì fún tọkọtaya kan, ṣé ilé kan ni mo ní àbí méjì?»

Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rárá. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ọ̀rọ̀ «ilé kọ̀ọ̀kan», ìyá tí kò kàwé ló rí ibi tó ti ń jò. Bọ́ìsì kọ́tà pọ̀ ládùúgbò wa. Bí ẹni tó ń gba owó bá kà wọ́n pọ̀ mọ́ ilé, ó ti kúrò ní 64 nìyẹn. Mo tún pe akápò. Ó ní òun kò ka bọ́ìsì kọ́tà, nọ́ńbà tí a fi ọ̀dà kọ sára gééètì ilé lòun ń tẹ̀ lé.

Inú ìdáhùn akápò yìí ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo ń wá láti alẹ́. Mo pa «ilé kọ̀ọ̀kan» rẹ́, mo kọ «nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́, láti 1 dé 64». Ẹni tó ní ilé mẹ́ta ní nọ́ńbà mẹ́ta. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó jogún ilé kan ní nọ́ńbà kan. Bọ́ìsì kọ́tà kò ní nọ́ńbà tirẹ̀, ilẹ̀ òfìfo kò ní, ilé tí wọ́n ti kan páànù sí ní. Kò sí ẹni tó nílò kó bi ẹnikẹ́ni pé ṣé òun wà nínú rẹ̀. Kó ṣáà wo ara gééètì rẹ̀. Bó ṣe rí nígbà tó parí nìyí:

ÌRÒYÌN ÌPÀDÉ OṢÙ KEJE

Ìpàdé wáyé ní Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 2025. Èèyàn 34 ló wá nínú ọmọ ẹgbẹ́ 57.

Kọ́fátì iwájú ilé 22. Ìpàdé pinnu pé kí a yọ ríìngì tó fọ́, kí a fi tuntun méje síbẹ̀. Gbogbo ìnáwó jẹ́ ₦768,000. Nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́, láti 1 dé 64, yóò san ₦12,000 (ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà) lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà ju ẹyọ kan lọ yóò san ti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé ni Sátidé, ọjọ́ 19 oṣù Keje, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Akápò ni kí ẹ san án fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ilé yín. Iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21. Alága àti akápò ni yóò máa bójú tó o.

Gééètì. Láti ọjọ́ 12 oṣù Keje, a ó máa ti gééètì ńlá ní aago mọ́kànlá alẹ́. A dìbò: 19 fọwọ́ sí i, 12 kò fọwọ́ sí i, 3 kò dìbò. Ọlọ́dẹ yóò ṣí i fún olùgbé àdúgbò tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí a kò tíì pinnu. Ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí di ìpàdé oṣù Kẹjọ.

Ìpàdé tó ń bọ̀: Sátidé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Akọ̀wé.

Ìpínrọ̀ «ohun tí a kò tíì pinnu» yẹn, èmi ni mo fi kún un, kò sí nínú àwọn ìròyìn akọ̀wé tó wà ṣáájú mi. Ẹni tí kò wá máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé wọ́n sọ̀rọ̀ gbèsè, á sì rò pé wọ́n ti dájọ́. Tó bá rí i níbẹ̀ pé a kò tíì pinnu, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì mọ̀ pé òun ṣì lè wá sọ tẹnu òun. Mi ò kọ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè kankan. Ayálégbé ń ka pátákó yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà á, ọlọ́jà tó ń kọjá ń kà á. Ìwé àkápò ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ọkùnrin kan lára àwọn 12 tí kò fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ gééètì bẹ̀ mí kí n kọ orúkọ òun pé òun kò fara mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ sínú mínìtì fún un, mo sì fi han án níbẹ̀. Nínú ìròyìn, iye ìbò ti tó.

Mo fi ẹ̀dà ìkẹyìn ránṣẹ́ sí Alága, akápò àti Bàbá Tíṣà, mo fún wọn di aago mẹ́rin ọ̀sán láti tún un ṣe. Akápò ní kí n fi kún un pé kí rìsíìtì ní nọ́ńbà ilé. Mo fi kún un. Bàbá Tíṣà tún àmì orí ọ̀rọ̀ méjì ṣe fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, ẹ̀dà méjì. Mo fi ọ̀kan sínú ọ̀rá kí òjò má bàa bà á jẹ́, mo fi pín-ìnnì mẹ́rin kàn án mọ́ pátákó. Ọ̀kan wọ inú fáìlì. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù, mo sì fi ohùn tí mo kà sí i tẹ̀ lé e, torí Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan kọ́ ni kì í kàwé láàárín wa, òun ló kàn ń sọ ọ́ jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wọlé sórí fóònù mi. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó bá akápò sọ ọ́, ìpàdé kò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ọjọ́ 19, mo lọ sọ́dọ̀ akápò láti fi ìwé rẹ̀ wé tèmi. Nọ́ńbà 58 ti san. Ó yí fóònù rẹ̀ sí mi kí n wo owó kan tó wọlé láàárọ̀. Láti ọwọ́ ọkùnrin tó ní ilé mẹ́ta ló ti wá, ₦36,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kọ ọ́ síbi àlàyé pé: «kọ́fátì, ilé 9, 31, 32.» Akápò já rìsíìtì mẹ́ta fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, ó kó wọn fún mi kí n bá a mú wọn lọ, torí ọ̀nà ilé rẹ̀ ni mo máa gbà lọ sílé.